Ohùn Mi Ṣáájú Mi Dé Ìjagun

Ọjọ́ tí ohùn mi ṣáájú mi dé Ìjagun kò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Bí mo bá ń fọ abọ́, tí mo sì rántí rẹ̀, ojú á tì mí níwájú abọ́. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu láti sọ ọ́, nítorí mo rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni fóònù ń ṣe báyìí.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òwú, bọ́tìnnì, sípù àti aṣọ ìtẹ́nú ni mo ń tà fún àwọn aránṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ náà sì bá mi lára mu. Oníbàárà á ní òun fẹ́ sípù aláwọ̀ ewé, èmi á fún un ní sípù aláwọ̀ ewé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Rọ́fíátù, tí gbogbo ayé ń pè ní Rọ́fí. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, nítorí náà èmi àti òun la jọ dàgbà, bí ẹ bá gbà kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ Gàníyù, ọmọ Odògbolú, wọ́n sì ń gbé ní Ìjagun.

Nígbà tí oyún Rọ́fí ti wọ oṣù ìbímọ, ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi: “Mọ́mì, ṣé ẹ máa ráyè wá bá wa wẹ ọmọ?” Inú mi dùn débi pé mo jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wá. Àgbà wo ló ń gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́? A ó kọ́kọ́ kọ̀ ná, wọn á bẹ̀ wá, a ó tún kọ̀ díẹ̀, wọn á tún bẹ̀ wá, lẹ́yìn náà la ó wá gbà bí ẹni pé wọ́n fi ipá mú wa. Bí èmi àti Rọ́fí ṣe ń ṣe é nìyẹn láti kékeré rẹ̀. Mo bá dá a lóhùn pé: “Ta ni kí ó dúró ti ṣọ́ọ̀bù? Pe ìyá ọkọ rẹ.” Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo wá ń retí ẹ̀bẹ̀.

Ohun tó dé ni “Ó dáa mà.”

Mo ní bóyá ó fẹ́ fi ojúkojú bẹ̀ mí ni. Rọ́fí bímọ, a sọ ọmọ lórúkọ, àlejò tú ká, mo sì ti di aṣọ mi sínú báàgì, mo gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá kan nílé wọn kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé mo ti múra. Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí. Ìyá Gàníyù ló gbé báàgì tirẹ̀ wọlé, Àlàájà láti Odògbolú, obìnrin tó sanra, tó ga, tí ohùn rẹ̀ ń dún láti pálọ̀ dé ìta. Òun ni yóò fi ogójì ọjọ́ wẹ ọmọ ọmọ mi.

Láti ọjọ́ náà ni ìlara ti wọ̀ mí bí ibà. N kò ní parọ́ fún yín. Rọ́fí á fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi: Àlàájà gbé ọmọ sí àyà. Àlàájà pọn ọmọ. Àlàájà àti ọmọ jọ ń sùn, ẹnu àwọn méjèèjì là sílẹ̀. Mo máa ń fi ìka méjì fa àwòrán náà kí ó tóbi, kì í ṣe láti wo ọmọ o, láti wo bí Àlàájà ṣe gbá ọrùn rẹ̀ mú ni. Ní ọjọ́ kan Rọ́fí kọ ọ́ sí i pé: “Mọ́mì, ìkọ́kọrẹ́ Àlàájà dùn gan-an!” Ìkọ́kọrẹ́! Èmi tí mo fi iṣu ewùrà tí a fi ń sè é tọ́ ọmọ yìí dàgbà. Mo wo àwòrán abọ́ náà dáadáa. Omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mo ní n ó bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: ó ń dùn mí pé wọ́n fi mí sílẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n fún mi láàyè lára ọmọ ọmọ mi. Ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Mo kọ́kọ́ pè é. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń kí ara wa lórí fóònù. Ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa, ọmọ ńkọ́, bàbá ọmọ ńkọ́, omi ilé ńkọ́, iná ńkọ́. Nígbà tí a ó fi kí ara wa tán, ìbínú mi ti rọ̀ bí gààrí tó pẹ́ nínú omi. Mo ṣáà gbìyànjú.

“Rọ́fí, ọ̀rọ̀ kan wà. Ó ń dùn mí.”

“Kí ló ń dùn yín, Mọ́mì? Ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀, mo gbé yín sórí sípíkà, mò ń fún ọmọ lọ́yàn. Àlàájà náà ń gbọ́ yín.”

Mo yára yí ọ̀rọ̀ padà.

“Ẹsẹ̀ ni,” ni mo wí. “Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.”

“Yéè! Àna mi!” Ohùn Àlàájà gba gbogbo etí mi. “Ẹsẹ̀ wo? Ti ọ̀tún ni àbí ti òsì?”

“Ti òsì mà.”

“Ẹ máa fi òrí àti ọṣẹ dúdú pa á. Ọlọ́hun á fún yín ní ìlera. Kò ní di ti ọ̀pá o!”

“Àmín o. Ẹ ṣeun, Àlàájà. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọlọ́hun á san án fún yín.”

Bí mo ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí mo fẹ́ fi sùn nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, Gàníyù gbé ike òrí wá sí ṣọ́ọ̀bù, pé ìyá òun ní kí òun gbé e fún mi fún ẹsẹ̀. Mo tiro díẹ̀ kí ó tó lọ.

Mo ní ó dáa, àtẹ̀jíṣẹ́ ló kù. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́, kò sí ìkíni tí yóò dá mi dúró, kò sì sí ẹni tí yóò já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo jókòó lẹ́yìn tábìlì ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Mo kọ “Inú mi bàjẹ́”, mo kà á, ó le jù, mo pa á. Mo kọ “Inú mi kò dùn tó”, ó jọ pé mò ń bẹ̀rù ọmọ mi, mo pa á. Mo kọ odindi ojú ìwé kan, mo kà á bí ẹni pé èmi ni Rọ́fí, ó wá dà bí ìwé tí agbẹjọ́rò kọ. Mo pa á. N kò mọ̀ pé ní gbogbo àkókò tí mo ń tẹ̀, tí mo ń pa á rẹ́, ó ń hàn lójú fóònù tirẹ̀ pé mò ń tẹ nǹkan lọ́wọ́. Òun náà jókòó tì í, ó ń retí. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé: “Mọ́mì, ẹ ti ń tẹ nǹkan láti ìgbà tí mo ti gbé fóònù. Ṣé kò sí?”

Mo fèsì: “Kò sí. Ọmọ ńkọ́?”

Ó fi àwòrán ránṣẹ́. Àlàájà ló gbé e.

Bí mo ṣe rí àwòrán yẹn ni mo ti kúrò nínú ọgbọ́n. Mo ní ohùn ni n ó fi ránṣẹ́, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní fóìsì nóòtù. N ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni kò ní já lù mí, Rọ́fí á sì gbọ́ ohùn mi, á mọ̀ pé kì í ṣe ìjà. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé díẹ̀. Mo tẹ àwòrán gbohùngbohùn ojú fóònù mọ́lẹ̀.

Ọmọlúàbí kì í fi ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo ní: “Rọ́fí mi, ẹ kú ilé o. Bá mi kí Àlàájà dáadáa, bá mi kí Gàníyù, kí o sì fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi.” Ìka mi yọ̀, ó sì lọ bẹ́ẹ̀. Kò burú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, lọ́tẹ̀ yìí mo fa ìka mi sókè kí ó lè máa gba ohùn lọ fúnra rẹ̀, kí n lè sọ̀rọ̀ láì fọwọ́ dì í mú.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kò mọ iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú òun. Mo sọ pé Àlàájà ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi, ó sì tún ń gba ọmọ ọmọ mi. Mo ní ó ń fún ọmọ náà bí aṣọ tó fẹ́ sá. Mo ní ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀, ènìyàn lè fi í wẹ̀. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé nítorí ó ti lọ sí Mẹ́kà ni, èmi náà lè lọ, ọ̀nà Mẹ́kà kò tíì dí. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ láàárín àwọn páálí òwú. Oníbàárà kan wá yọ orí wọlé: “Ẹ kú ọjà mà, ṣé ẹ ní sípù dúdú?” Ìbẹ̀rù mú mi, mo tẹ ibi tí kò yẹ kí n tẹ̀. Ó lọ.

Lẹ́yìn tí mo ta sípù tán, mo gbé fóònù sí etí, mo gbọ́ ohun tí mo sọ. N kò mọ obìnrin náà. Mo ti ń rò pé ìbànújẹ́ ni n ó gbọ́ nínú ohùn mi; ìlara ni mo gbọ́, gbígbẹ, bí ẹni ń ha ìkòkò. Ṣùgbọ́n àmì kan ṣoṣo, aláwọ̀ eérú, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn ni pé kò tíì dé fóònù Rọ́fí, ó jọ pé kò tan dátà. Àyè ṣì wà. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, mo yan kí a pa á rẹ́. Ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi ní ìlà méjì. Gíláàsì mi kò sí lójú mi. Mo tẹ ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà pòórá, ojú fóònù mọ́ tónítóní.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ọkàn mi fúyẹ́ débi pé mo tún gba ohùn kẹta sílẹ̀, kí ìkíni àkọ́kọ́ má baà dá wà: “Rọ́fí, má gbàgbé láti bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájà. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òrí. Ọmọ tó bá bọ́ sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ti ríre.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo se ìkọ́kọrẹ́ tó dúró dáadáa, mo gbé e sínú kúlà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjagun. Mo ní n ó fi ọgbọ́n wọ ilé náà díẹ̀díẹ̀.

Àlàájà ló wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń rú èéfín nínú báàfù. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò gbójú sókè.

“Ẹ káàbọ̀, àna mi. Ẹsẹ̀ ńkọ́?”

“Ó ti ń san mà.”

“Ó ti san tán ni, bí ẹ ṣe ń rìn yìí. Ẹ wá gba ọmọ yín, kí n má baà fún un bí aṣọ tó fẹ́ sá.”

Mo wo Rọ́fí tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ ló ń wò.

“Mọ́mì,” ó wí, “ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘bá mi kí Àlàájà’. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ohùn kí ará ilé, ṣé kì í ṣe pé a máa ń gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ni? Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé fóònù sórí wíńdò, mo lọ ń bó ẹ̀wà. Bí ti àkọ́kọ́ ṣe parí, fóònù bọ́ sí èkejì fúnra rẹ̀. Ọwọ́ mi wà nínú omi ẹ̀wà, ọwọ́ Àlàájà wà nínú ọṣẹ.”

“Èkejì? Mo ti pa èkejì rẹ́!”

Ẹnu ara mi ni mo fi dá ara mi lẹ́bi.

“Lórí fóònù tiyín nìkan lẹ ti pa á,” ni Rọ́fí wí. “Bí ẹ bá pa á rẹ́ fún gbogbo wa ni, àmì á wà níbẹ̀ pé ẹ pa nǹkan rẹ́.”

“Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀,” Àlàájà wí, ó ń ta omi sí ẹ̀yìn ọmọ. “Ti ẹ̀kẹta ló wù mí jù. Kò tíì tán lẹ́nu yín pé mò ń fún ọmọ bí aṣọ, fóònù tún ní ọwọ́ mi rọ̀ bí òrí. Mo bi Rọ́fí pé, ‘Ṣé ìyá rẹ méjì ni?’”

Bí ilẹ̀ bá lanu ní àkókò yẹn, n ó kọ́kọ́ gbé kúlà wọlé, n ó wá tẹ̀lé e. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Mo dọ̀bálẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀.

Àlàájà rẹ ohùn ńlá rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ìkọ́kọrẹ́ kò dùn mí, n kò mọ̀ ọ́n sè, Gàníyù gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó dùn mí ni pé ẹ ní mo gba ọmọ lọ́wọ́ yín. Ẹ wo ilé mi ní Odògbolú tí mo tì. Wọ́n pè mí ni mo ṣe wá. Ojoojúmọ́ ni ìyàwó yìí sì ń sọ fún mi pé, ‘Mọ́mì mi kì í ṣe é báyìí o, Mọ́mì mi kì í ṣe é báyẹn.’ Èmi gan-an ni mo ń jowú yín.”

Mo yíjú sí Rọ́fí. “Kí ló dé tí o kò pè mí?”

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó mú fóònù, ó fa àwọn ọ̀rọ̀ wa sókè títí, ó nà án sí mi. Ó wà níbẹ̀, láti ọwọ́ mi: Ta ni kí ó dúró ti ṣọ́ọ̀bù? Pe ìyá ọkọ rẹ. Mo wá ẹ̀rín tí mo rín ní ọjọ́ yẹn nínú rẹ̀, n kò rí i. Kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá tí kò fẹ́ wá ni mo rí.

“Mo ń retí kí o bẹ̀ mí ni, Rọ́fí.”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀, Mọ́mì? Bí ẹ bá sọ ọ́ létí mi, n bá gbọ́ ọ nínú ohùn yín. Mo rò pé ṣọ́ọ̀bù ṣe pàtàkì sí yín jù mí lọ. Mo sunkún títí kí n tó kọ ‘Ó dáa’.”

Àlàájà ló gbà wá. Ó gbé ọmọ dání dìde kúrò lórí àpótí, ó fi ọwọ́ gbá àpótí náà. “Ẹ jókòó. Omi ń tutù. Ẹ fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde.”

Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, wọ́n gbé ọmọ lé mi. Ọṣẹ pọ̀, ọmọ yọ̀, Àlàájà yára gbá apá rẹ̀ mú. Bí mo ṣe yí i padà láti da omi sí i lẹ́yìn ọrùn, ó tọ̀ sí mi lára, láti àyà dé ìró. “Ó ti kí yín nìyẹn!” ni Àlàájà pariwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tó mú ara rẹ̀ mì. “Ẹ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, àna mi! Ẹ fún un bí aṣọ! Bí ẹ kò bá fún un, báwo ni oríkèé rẹ̀ ṣe fẹ́ le?” Mo fún un bí aṣọ. Òtítọ́ ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

A jókòó jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi lẹ́yìn náà. Àlàájà tọ́ ọ wò, ó ronú díẹ̀. “Tiyín dúró lóòótọ́,” ó wí. “Iyọ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀.” Mo tọ́ ọ wò. Kò sí. A ṣètò pé èmi yóò máa wá wẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, Àlàájà á máa wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo fi ìtìjú rà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ dára fún “mo ti dé” àti fún iye sípù. Má ṣe fi ọ̀rọ̀ tó nílò ẹ̀rín sínú rẹ̀, nítorí ẹ̀rín kì í wọ ibẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ dára fún àdúrà àti ìkíni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹni tí o fi ránṣẹ́ sí nìkan; ti gbogbo ẹni tó bá wà nínú yàrá ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ń dùn ọ́, tí ọ̀nà sì jìn, pe ẹni náà, ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó kí i pé, “Ṣé o dá wà? Ṣé sípíkà kọ́ nìyí?” Bí kò bá sì jìn ju Ìjagun lọ, wọ ọkọ̀.

Ìlara mi ńkọ́? Kò tíì lọ tán. Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, Àlàájà ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí. Mo wà níbẹ̀, mo rí i kedere. N kò kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni, n kò gba ohùn sílẹ̀. Mo wo Àlàájà lójú, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un: “Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rín o. Inú ló ń run ún.”

Àlàájà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Èmi náà rẹ́rìn-ín.